Bí ọkọ̀ òkun tó pẹ́ ṣe ń di owó lọ́rùn ẹlẹ́rù

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rù gbà pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé ni ẹrù àwọn náà dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dídé lọ́tọ̀, gígúnlẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ̀ lè ti sọ ìdákọ̀ró sójú òkun, kí gbogbo èèyàn máa wò ó, síbẹ̀ kí kíréènì má tíì kan kọ̀ntẹ́nà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá ń wá déédéé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń ní ọjọ́ àti wákàtí tí èbúté ti yà sọ́tọ̀ fún un. Tó bá bọ́ sí àkókò yẹn, wọn yóò gbà á wọlé. Tó bá pẹ́ jù, ẹ̀tọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń dúró de àlàfo.

Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká ro èbúté kan tí ọkọ̀ kan péré lè gúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Kíréènì mẹ́ta ló wà létí omi rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbé kọ̀ntẹ́nà 25 ní wákàtí kan, àròpọ̀ 75. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ já 800 sílẹ̀, yóò sì kó 400 lọ. Iṣẹ́ wákàtí 16 nìyẹn, aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì fi í sí. Ọkọ̀ kejì gbé ẹrù bíi tirẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú ni tirẹ̀.

Ìjì dá ọkọ̀ àkọ́kọ́ dúró lọ́nà. Aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó dé, ó ti fi wákàtí 40 pẹ́. Etí omi ṣófo lóru yẹn, ẹnikẹ́ni ì bá sì ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ péré ló kù kí ọkọ̀ kejì dé, kíréènì kò sì lè gbé ju 600 lọ láàárín rẹ̀, ìdajì iṣẹ́. Tí wọ́n bá gbà á, ọkọ̀ kejì tí kò ṣẹ̀ ni yóò dúró, èbúté tó ń lọ lẹ́yìn ibí náà yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ mú sùúrù. Ọkọ̀ kejì parí ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́rú. Kí ọ̀kan tó jáde, kí èkejì tó wọlé, wákàtí méjì lọ. Aago méjìlá òru ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀, wákàtí 66 lẹ́yìn àkókò rẹ̀, kò sì parí títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wákàtí 40 ti di 66, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣètò náà kò ṣi ìṣirò.

Nígbà mìíràn, wọn a gbà á, wọn a já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì lé e jáde láìkó èyí tó yẹ kó kó lọ. Ìyẹn ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìdúró, ṣùgbọ́n ó ń ti ìṣòro náà sórí ilẹ̀, nítorí pé 400 tó wá kó wà ní pápá ìkẹ́rù síbẹ̀, wọ́n ń gba àyè.

Orí pápá yìí gan-an ni nǹkan ti ń dojú rú. Ètò tẹ́lẹ̀ ni pé kí 800 àkọ́kọ́ ti máa jáde kí 800 kejì tó dé. Ní báyìí, 1,600 bọ́ sílẹ̀ láàárín wákàtí 34. Níbi tí wọ́n ti ń to kọ̀ntẹ́nà ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí ara wọn, wọn yóò tò ó dé márùn-ún. Kọ̀ntẹ́nà tí tírélà wá gbé kì í sì í fìgbà gbogbo wà lókè. Nínú òkìtì mẹ́ta, tí a bá wò ó láàrín, kọ̀ntẹ́nà kan ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé kúrò kí wọ́n tó dé èyí tí wọ́n ń wá. Nínú òkìtì márùn-ún, méjì ni. Ìgbésókè méjì fún tírélà kan ti di mẹ́ta.

Ká ní kíréènì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lórí pápá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan ní ìgbà 20 ní wákàtí. Nígbà tí òkìtì jẹ́ mẹ́ta, wọ́n lè dá tírélà 30 lóhùn ní wákàtí kan. Nígbà tó di márùn-ún, 20 péré ni. Ìgbà tí ẹrù pọ̀ jù ni agbára àtikó o jáde dín kù, ohun tó sì mú kí ìdádúró yìí pẹ́ ju ìjì tó dá a sílẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni ètò fífún tírélà ní wákàtí wá. Ajẹ́ńtì yóò wọ orí ẹ̀rọ, yóò yan ọjọ́ àti wákàtí, tírélà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé ẹnu géètì ṣáájú ìgbà náà. Èbúté wa yìí ń fún tírélà 25 láyè ní wákàtí kan, fún wákàtí 16 lójúmọ́, ìyẹn 400. Nígbà tí agbára pápá jẹ́ 30, àyè ṣì wà. Nígbà tó wá sílẹ̀ sí 20, tírélà márùn-ún ni a kò ní lè dá lóhùn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó bá sì fi máa di alẹ́, wọ́n ti di 80. Àwọn wọ̀nyí ni tírélà wákàtí tó tẹ̀ lé e yóò bá lẹ́nu géètì. Ẹni tó dé lásìkò gan-an yóò pàdánù wákàtí rẹ̀ sínú ìlà, yóò sì tún padà lọ gba òmíràn. Ohun tó tọ́ fún èbúté nírú àsìkò yẹn ni kó dín àyè tó ń fún tírélà kù sí 20. Lójú ẹlẹ́rù, ìkà nìyẹn. Síbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ìlà má gùn.

Ètò yìí ní àǹfààní kan tí àwọn èèyàn kì í sábà rí. Bí èbúté bá ti mọ̀ láti alẹ́ àná àwọn kọ̀ntẹ́nà tí wọn yóò wá gbé láàárọ̀, kíréènì lè fi òru tú òkìtì, kó kó wọn sókè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ̀ntẹ́nà gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ajẹ́ńtì kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tírélà nìkan ni, kò sí ohun tí wọ́n lè tò. Bákan náà, ajẹ́ńtì tó gba wákàtí sílẹ̀ fún ẹrù tí aṣọ́bodè kò tíì fọwọ́ sí, kí àyè má baà bọ́, ń ba òru náà jẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ wá wo ẹlẹ́rù kan tí wọ́n já kọ̀ntẹ́nà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ká ní ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń kà á láti ọjọ́ tí ẹrù bọ́ sílẹ̀, tí òpin ọ̀sẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: ó parí ní Ọjọ́ Ajé. Aṣọ́bodè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó wọ orí ẹ̀rọ, ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyè tó súnmọ́ jù. Ó ti jẹ owó ọjọ́ kan láìṣe ohunkóhun. Owó èbúté lọ́tọ̀, owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó ni kọ̀ntẹ́nà lọ́tọ̀, wọ́n sì lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn tó bá já ẹrù tán, kíka ọjọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ fún dídá kọ̀ntẹ́nà òfìfo padà. Ìyẹn náà ń fẹ́ wákàtí tirẹ̀, èbúté tó kún kì í sì í yá láti gba òfìfo. Tírélà á wá jókòó pẹ̀lú òfìfo lẹ́yìn, kò ní lè lọ gbé ẹrù ẹlòmíràn. Tírélà á wọ́n, owó ẹrù gbígbé á gòkè, àwọn tí kọ̀ntẹ́nà wọn kò sí nínú ọkọ̀ méjèèjì náà á sì máa san án.

Ẹlẹ́rù tó bá fẹ́ tètè mọ̀ gbọ́dọ̀ bi ajẹ́ńtì rẹ̀ nípa ọjọ́ ìgúnlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ dídé nìkan. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ti ń fẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, pápá yóò kún láìpẹ́. Kó ti parí ìwé aṣọ́bodè rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú òkun, níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Ọjọ́ méjì tó lọ sórí ìwé nínú àpẹẹrẹ wa ìbá ti tó láti gba àyè Ọjọ́ Àìkú.