Ìpara abóra, rílásà àti aró irun nígbà oyún

Ìpara abóra ni ìpara, ọṣẹ tàbí òróró tí a fi ń dín dúdú awọ ara kù. Rílásà ni a fi ń na irun kíká, aró irun sì ni a fi ń pa àwọ̀ irun dà. Bí èròjà inú wọn yóò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún wà lọ́wọ́ bí ibi tí a fi pa ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe pẹ́ lára tó, àti bóyá awọ ibẹ̀ dá ṣáká tàbí ó bó. Ìdí nìyí tí ìpara abóra fi yẹ ní ìbẹ̀rù ju èròjà irun lọ: gbogbo ara ni wọ́n sábà ń fi í pa, lójoojúmọ́, fún oṣù púpọ̀.

Mẹ́kúrì

Mẹ́kúrì, irin olóró kan, ló burú jù nínú àwọn èròjà ìpara abóra. Ó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe mẹlanínì, ohun tó ń mú awọ dúdú. Ó ń gba awọ wọlé, ooru rẹ̀ ń gba imú wọlé, ó sì ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ inú, níbi tí ọpọlọ àti kíndìnrín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Àdéhùn Mínámátà ti ọdún 2013, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì, fòfin de ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kílò kan, wọ́n sì fẹnu kò ní ọdún 2023 pé kí wọ́n yọ òṣùwọ̀n yẹn pàápàá kúrò. Síbẹ̀ ó ṣì wà lọ́jà, wọn kì í sì í sábà kọ ọ́ sára páálí. Bí lẹ́tà «mercur», «calomel» tàbí Hg bá wà lára rẹ̀, tàbí bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kó má kan wúrà àti fàdákà, kí a fi í sílẹ̀. Àìsí àmì wọ̀nyí kò fi hàn pé ó mọ́. Àyẹ̀wò ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì nìkan ló lè sọ.

Wo aboyún tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ wú, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí mẹ́kúrì bà jẹ́ ń fa wíwú àti purotéènì kan náà, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ru. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ìfura sí kíndìnrín yẹ kó pọ̀ sí i, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn sábà ń dé. Kí obìnrin náà mú ike ìpara lọ bá agbẹ̀bí tàbí dókítà, kí wọ́n lè wá mẹ́kúrì nínú ìtọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá wọ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orí ń fọ́ tàbí tí ojú ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, yálà ó ń lo ìpara tàbí kò lò ó. Mẹ́kúrì a máa wà lára tówẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí, nípa bẹ́ẹ̀ àwọn ará ilé náà ń kó o. Kí ẹnikẹ́ni má sun ike rẹ̀ níná, ooru rẹ̀ ni wọn yóò fà símú.

Sítẹ́rọ́ìdì àti àwọn yòókù

Kulobetasọ́ọ̀lù, tí àwọn kan ń fi bóra, jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì líle, oògùn awọ tí dókítà ń fún ènìyàn fún ojú kékeré lára, fún ìgbà díẹ̀. Ìwádìí so lílo irú sítẹ́rọ́ìdì líle bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 300 lọ jálẹ̀ oyún mọ́ ọmọ tí kò wúwo tó nígbà ìbí. Ìpara tó kárí ara àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 20. Ẹni tó ń pa á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò lo 300 yẹn tán ní ọjọ́ 15. Ní Dákà, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn olùwádìí rí i pé ibi ọmọ àwọn aboyún tó ń lò ó kéré. Ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù púpọ̀ kò gbọdọ̀ já a lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí ara lè ti dáwọ́ dúró láti ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, irú sítẹ́rọ́ìdì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe: ó lè máa rẹ̀ ẹ́ gan-an, kó máa bì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀.

Haidirokuínónì, èròjà ìpara abóra mìíràn, kò tíì fi àbùkù ara hàn lára ọmọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì rẹ̀ ló ń gba awọ wọlé, èyí tó pọ̀ fún ohun ìpara. Ó tọ́ kí a dúró títí di lẹ́yìn ìbímọ. Kí aboyún yẹra fún tiretinóìnì, tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú ìpara bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú. Dúdú ojú tí oyún fà sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ìpara ààbò oòrùn tó ní síńkì ọ́sáìdì ń dá a dúró kó má pọ̀ sí i.

Rílásà àti aró

Nínú rílásà, àwọn kẹ́míkà líle bí NaOH tàbí Ca(OH)₂ ni ń ṣe iṣẹ́. Wọ́n ń jó awọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ń wọlé bí awọ orí bá dá ṣáká. Ewu wà nígbà tí orí bá ti họ tàbí tó ń ta: ojú egbò ni èròjà ń gbà wọlé. Nítorí náà, kí a má họ orí ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí a fi fasilíìnì pa etí orí, kí a sì fọ̀ ọ́ kúrò ní kété tó bá ń jó. Èyí tó ń lo foomalídíháìdì láti na irun, tí iná ooru ń sọ di èéfín, ni kí a kọ̀ pátápátá.

Aró irun kì í wọlé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí ń gbani níyànjú pé kí a dúró títí oyún yóò fi kọjá ọ̀sẹ̀ 12, kí a lo ìbọ̀wọ́, kí fèrèsé sì ṣí. Wákàtí 48 ṣáájú, kí a fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn etí. Bí ó bá yún tàbí tó wú, a kì í lò ó. Làálì dúdú, tí wọ́n sábà ń pò mọ́ èròjà aró irun, lè bó awọ, nígbà tí làálì gidi máa ń pọ́n bí osùn.