Ibi Tí Òṣùwọ̀n Ilé-iṣẹ́ Kékeré Ti Wá

Apá 394 nínú òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 ló sọ irú ilé-iṣẹ́ tí a lè pè ní kékeré. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ aládàáni. Owó ọjà tó ń tà lọ́dún kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kò sì gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 60. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni. Lẹ́yìn náà ni òfin wá ní kí àjèjì má sí lára àwọn onípìn-ín, kí ìjọba má ní ọwọ́ níbẹ̀, kí àwọn olùdarí sì ni ó kéré tán 51 nínú 100 ìpín. Kí ló pa títóbi ilé-iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó ni ín? Ìtàn méjì ló pàdé níbẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1907, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa fi ìwé dúkìá àti gbèsè wọn han gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó yọ aládàáni sílẹ̀: èyí tí onípìn-ín rẹ̀ kò ju 50 lọ, tí kò sì ké sí ará ìta láti wá ra ìpín. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè iye tó ń tà. Bí kò bá ti gbowó lọ́wọ́ ará ìta, wọ́n gbà pé ìṣirò rẹ̀ kò kan ará ìta. Ilé-iṣẹ́ ńlá kò pẹ́ rí i pé òun náà lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, kí òun fi ìṣirò pamọ́ sínú rẹ̀. Ní 1948 wọ́n dín àǹfààní náà kù sí irú ilé-iṣẹ́ tí ìdílé ń dá ṣe. Nígbà tó di 1967, wọ́n fagi lé e pátápátá.

Ìtàn kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mẹ́sàn-án tó jọ ń ṣòwò. Ní 1978 wọ́n fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta tí wọn yóò fi máa wọn ilé-iṣẹ́: iye tó tà, àpapọ̀ dúkìá rẹ̀ láì yọ gbèsè, àti iye òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin ní 1981. Kékeré ni ilé-iṣẹ́ tí kò tà ju mílíọ̀nù 1.4 pọ́n-ùn lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò ju 700,000, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju 50. Wọ́n tún ya àwọn tó wà láàárín sọ́tọ̀ kúrò lára ńlá. Ohun tó mú òṣùwọ̀n yìí gbọ́n ni pé méjì nínú mẹ́ta ti tó, àti pé ọdún kan ṣoṣo tí ọjà yá kì í yí ipò ẹni padà. Ó di ọdún méjì léraléra.

Òfin Nàìjíríà ti 1990 mú iye ọjà àti dúkìá, ó fi iye òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Mílíọ̀nù 2 náírà ni ààlà ọjà nígbà náà, mílíọ̀nù 1 sì ni ti dúkìá. Ó wá fi ìbéèrè nípa ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kún un, èyí tó rán mi létí àǹfààní ilé-iṣẹ́ ìdílé ti 1948 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì sí méjì nínú mẹ́ta: gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára oníràìsì kan ní Bódìjà tó ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ká ní ó ń ta àpò mẹ́wàá lójúmọ́, 80,000 náírà lápò, fún 300 ọjọ́. Mílíọ̀nù 240 ló tà yẹn. Bó bá jẹ́ 1,500 ló ń jẹ lórí àpò, èrè rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 4.5 lọ. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mílíọ̀nù 30, ọkọ̀ akẹ́rù mílíọ̀nù 10, gbèsè mílíọ̀nù 25; mílíọ̀nù 15 péré ló ṣẹ́ kù. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló ní. Síbẹ̀, iye tó tà nìkan ti yọ ọ́ kúrò lára kékeré, ó sì di dandan kó gba ọ́dítọ̀ àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́, kó sì máa ṣe ìpàdé ọdọọdún. Bó bá jẹ́ pé méjì nínú mẹ́ta la ń lò ni, dúkìá àti òṣìṣẹ́ ì bá gbà á sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé mílíọ̀nù 200, tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù 150 lórí rẹ̀, tó sì ń gba owó ilé mílíọ̀nù 40 lọ́dún, kékeré ni ní tirẹ̀. Mo rò pé ibí yìí ni òfin wa ti ń ni àwọn alájàpá tí èrè wọn kéré lára.

Bí náírà sì ti ń já wálẹ̀, ààlà náà ń kéré sí i. Ní 1990, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bíi náírà 8, mílíọ̀nù 2 jẹ́ nǹkan bíi 250,000 dọ́là. Mílíọ̀nù 120 jẹ́ bíi 300,000 dọ́là lọ́dún 2020. Nígbà tí dọ́là fi di 1,500 náírà, ó ti já sí 80,000. Òfin 2020 fún àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láṣẹ láti fi iye mìíràn lélẹ̀ láì dúró de àwọn aṣòfin.