Ṣé orúkọ ló bàjẹ́ ni, àbí ọjà?

Ọdún 1972 ni ìjọba Nàìjíríà dá Nẹ́pà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2005, orúkọ náà ti di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà, ni wọ́n bá sọ ọ́ di PHCN. Kò pẹ́ tí àwọn aláwàdà tún fi rí ìtumọ̀ míì fún lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́dún 2013, wọ́n ta ẹ̀ka tó ń pín iná fún àwọn aládàáni, oníkálukú sì gba orúkọ tirẹ̀. Síbẹ̀, tí iná bá dé lálẹ́ òní, ohun tí àwọn ọmọdé máa pariwo ni "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Òkùnkùn tó fún Nẹ́pà lórúkọ burúkú kò bá orúkọ náà lọ.

Ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ValuJet ní Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, ọkọ̀ wọn kan já sínú irà Everglades ní Florida, gbogbo èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n dá wọn dúró pátá. Inú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tún gbéra, àmọ́ ta ló fẹ́ wọ ValuJet mọ́? Lọ́dún 1997, wọ́n ra iléeṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ AirTran, wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀. Wọn ò dúró síbẹ̀: láti 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ Boeing 717 tuntun, wọ́n ń fi rọ́pò àwọn DC-9 tó ti gbó. Orúkọ AirTran ni wọ́n ń jẹ́ títí tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Southwest fi rà wọ́n lọ́dún 2011.

Ohun tó yẹ kí olówò kọ́kọ́ wá ni ibi tí àrùn wà gan-an. Ká mú ilé búrẹ́dì kan. Ká ní wọ́n rí yanrìn nínú búrẹ́dì rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń ra ìyẹ̀fun, wọ́n ti ra ajọ̀ tuntun, síbẹ̀ ọjà ò yá. Kí wọ́n tó sáré lọ tẹ ọ̀rá tuntun, kí wọ́n mú búrẹ́dì yẹn lọ fún èèyàn bíi ogójì ládùúgbò, nínú ọ̀rá funfun tí kò ní orúkọ, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò pẹ̀lú búrẹ́dì mìíràn tí òun náà ò ní orúkọ. Tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀ tó èkejì, àmọ́ tí wọ́n yọ ṣùtì nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ni àrùn náà. Tí wọ́n bá ní ó le, tàbí ó ti ń kan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ rárá. Orúkọ tuntun á ra oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà òun náà á bàjẹ́.

Ìbéèrè kejì ni ta ló ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn, àwọn òntàjà méjì tí owó wọn há sọ́wọ́ ilé búrẹ́dì náà ló ń bà á jẹ́ káàkiri. Gbèsè ni ká san fún irú wọn. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ọ̀rá tuntun, bọ́ọ̀dù tuntun àti ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀.

Tó bá wá hàn pé orúkọ ló yẹ kó lọ, fún kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn onípìn-ín á dìbò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, kí CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tó fọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: nọ́ńbà RC tí wọ́n fi forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kì í yí padà, gbèsè àti ẹjọ́ kọ́ọ̀tù á sì tẹ̀ lé orúkọ tuntun lọ. Ẹni tó bá rò pé òun á fi orúkọ sá fún báńkì, ó ń tan ara rẹ̀. NAFDAC náà gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí ohun tó wà lára ọ̀rá gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé wọn mu.

Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ àwọn tó ń gba búrẹ́dì tà. Wọ́n mọ ọkọ̀ tó ń já búrẹ́dì, wọ́n mọ dírẹ́bà rẹ̀, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ̀ pé ẹni àná náà ni. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ bá wọn kí ọ̀rá tuntun tó dé, kó sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó tún ṣe, kó sì mú ajọ̀ náà dání tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Torí láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, oníbàárà kan á yí búrẹ́dì náà síwá sẹ́yìn, á bi ìyá tó ń tà á pé, "Ẹ̀yin ìyá, ta ló ń ṣe èyí?"