Oṣù tí wọn ò gba owó lọ́wọ́ yín, èlé ń ṣiṣẹ́

Ìyá aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú mú ìwé ẹ̀yáwó ọmọ rẹ̀ wá bá mi. ₦600,000 ni wọ́n yá ní báǹkì kan láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́. Báǹkì fún wọn ní oṣù 18 tí wọn ò ní san nǹkan kan. Nígbà tí oṣù náà pé, lẹ́tà dé pé gbèsè ti di ₦762,000. Màmá ní, "A ò mà tún yá kọ́bọ̀ lé e o!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni báǹkì ò ṣàṣìṣe. Owó sísan ni wọ́n dá dúró, èlé ò dúró. Ojú ìwé kejì kọ ọ́ pé èlé jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn ₦9,000 lórí ₦600,000. Ẹ sọ ọ́ di oṣù 18, ó di ₦162,000.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: lọ́jọ́ tí ìsinmi oṣù 18 tí wọn ò san nǹkan kan yẹn parí, wọ́n da èlé yẹn pọ̀ mọ́ ojú owó, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Èlé oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ₦9,000 mọ́, ₦11,430 ni. Bí wọ́n bá pín in sí oṣù 24, nǹkan bí ₦38,042 ni wọn yóò máa san lóṣooṣù. Nínú èyí àkọ́kọ́, ₦26,612 péré ló kan gbèsè gan-an.

Ká ní wọ́n ti ń san ₦9,000 yẹn lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ₦600,000 ni gbèsè ì bá wà, sísan oṣooṣù ì bá sì jẹ́ nǹkan bí ₦29,954. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, títí kan ₦162,000 tí wọn ì bá ti san: wọn ì bá jèrè nǹkan bí ₦32,100.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ń da èlé mọ́ ojú owó lóṣooṣù, láìdúró de ìparí ìsinmi. Níbẹ̀, ₦600,000 yẹn yóò ti di nǹkan bí ₦784,400. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lẹ ń da èlé mọ́ ojú owó?" Kí wọ́n sì tẹ iye tí gbèsè yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí sísan bá bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé fún yín.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ti NELFUND yàtọ̀ ní tirẹ̀, kò ní èlé, iye tí ọmọ yá náà ni yóò bá.

Màmá tún fẹ́ yáwó fún àbúrò. Wọ́n ti pinnu láti máa san èlé rẹ̀ lóṣooṣù láti inú owó ọjà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba lẹ́tà báǹkì pé èlé ni wọn yóò ka owó yẹn sí, torí àwọn kan máa ń kó o pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, tí èlé á sì máa gun orí gbèsè bíi ti tẹ́lẹ̀.