Bí pírọ́sì ṣe ń dìbò níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpàdé ọdọọdún wọn bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, báíláwù wọn sì ní nótíìsì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 21 gbáko. Gbáko yẹn ni kẹ́ ẹ mú dání o, torí wọn ò ní ka ọjọ́ tí nótíìsì dé, wọn ò sì ní ka ọjọ́ ìpàdé, àtọjọ́ 7 dé ọjọ́ 27 ni wọ́n máa kà, ìyẹn ni pé ó pẹ́ jù ọjọ́ 6 kí nótíìsì ti dé ọwọ́ kálukú.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà lè rán pírọ́sì, ìyẹn ẹni tó máa bá a dìbò, tí báíláwù bá gbà bẹ́ẹ̀, tí kò bá sí nínú báíláwù, ìgbìmọ̀ ò lè kàn dá a sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ìpàdé. Ìbò kan lẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tó fi mílíọ̀nù kan pamọ́ àti ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún pamọ́, bákan náà ni. Fọ́ọ̀mù pírọ́sì á ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó rán èèyàn, orúkọ ẹni tí wọ́n rán, ọjọ́, àti ìbuwọ́lù, ká wá kọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ kí wọ́n lè máàkì "mo gbà" tàbí "n ò gbà".

Ibi tí àjẹ́ńdà ti ṣe pàtàkì gan-an nìyẹn. Àdúrà, mínítì, ìròyìn ààrẹ, ìṣírò owó tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, ìyẹn ò le. Àmọ́ tí wọ́n bá kàn kọ "àtúnṣe báíláwù", kí lẹni tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ máàkì? "Kí owó oṣooṣù kúrò ní ₦2,000 kó di ₦5,000" ló yẹ kí wọ́n kọ. Ohun tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde lábẹ́ ọ̀rọ̀ míì, pírọ́sì ò ní àṣẹ lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ìpàdé míì.

Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ni fọ́ọ̀mù tí àyè orúkọ ẹni tí wọ́n rán ṣófo, akọ̀wé á kó irú ẹ̀ jọ, á wá fi orúkọ ara ẹ̀ dí i, ìwà tí kò dáa rárá nìyẹn. Ká ní kí ₦5,000 tó wọlé, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ló gbọ́dọ̀ gbà. Èèyàn 36 wá, 23 gbà, 13 kọ̀. Pírọ́sì 7 wà, 6 gbà, ẹyọ kan kọ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n nawọ́ sókè lásán, ẹni tó dúró fún ẹlòmíì á na ọwọ́ kan péré, ìbò kan á sọnù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fún un ní káàdì funfun fún tiẹ̀, káàdì yẹ́lò fún ti ẹni tó rán an. Ní báyìí, 29 gbà nínú 43, ó wọlé, ibi tó yẹ kó dé gan-an ló dé. Àmọ́ tí wọ́n bá rí i pé méjì nínú pírọ́sì tó gbà yẹn ṣófo nígbà tí wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n á yọ ọ́, ó ku 27 nínú 41, 28 ló sì yẹ kó jẹ́, owó oṣooṣù á dúró sórí ₦2,000.