Ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ló ń sọni di ọ̀mọ̀ràn nínú lẹ́tà òwò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ lẹ́tà òwò ló gbà pé bí ọ̀rọ̀ òun bá ṣe le tó ni wọn yóò ṣe ka òun sí ọ̀mọ̀wé tó. Òdìkejì rẹ̀ ni Daniel Oppenheimer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Princeton nígbà náà, rí nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2006. Ó fi ọ̀rọ̀ gígùn rọ́pò ọ̀rọ̀ kúkúrú nínú àwọn àkọsílẹ̀ kan, ó sì fún àwọn èèyàn kà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń díjú sí i ni wọ́n ń fojú ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóye wo ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́ta nínú irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì: yútiláìsì, sínájì àti lẹ́fẹ́réèjì. Yútiláìsì ló rọrùn jù láti lé lọ. “Lò” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó parí.

Sínájì, ìyẹn àǹfààní tó ń wá látinú àjọṣe, ló máa ń dààmú èèyàn. Àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ńlá máa ń rò pé kí àwọn ṣáà ti fi ọ̀rọ̀ kékeré sí ipò rẹ̀ ti tó. Ẹ wo gbólóhùn kan tí mo bá nínú ìwé kan tí wọ́n ní kí n tún ṣe: “A ó lẹ́fẹ́réèjì sínájì tó wà láàárín ẹ̀ka méjèèjì láti yútiláìsì ọkọ̀ wa.” Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ di “A ó lo àjọṣe ẹ̀ka méjèèjì láti lo ọkọ̀ wa.” Ó ṣe é kà lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni síbẹ̀. Ta ló máa ṣe kí ni? Ìgbà tí mo bi ẹni tó kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ tó jáde: “Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń tajà yóò fi orúkọ àwọn oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀, kí ọkọ̀ kan lè kó gbogbo ẹrù àdúgbò kan lọ lọ́jọ́ kejì.” Àjọṣe gan-an pòórá níbẹ̀. Ohun tí sínájì ń bò mọ́lẹ̀ nìyẹn: ẹni tó kọ ọ́ kò tíì ronú débi ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà.

Lẹ́fẹ́réèjì ní tirẹ̀ jẹ́ ojú méjì. Bí ó bá jẹ́ “a ó lẹ́fẹ́réèjì ìrírí wa”, “lò” ti tó. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń ṣírò owó, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: kéèyàn yá owó kún owó ara rẹ̀ fi ṣòwò. Ká ní o ní 100, o yá 400, o sì fi 500 náà ra dúkìá. Bí iye dúkìá náà bá fi ìdá mẹ́wàá péré wálẹ̀, ó di 450. Tí o bá san 400 ti olówó, 50 ló kù, ìdajì owó tìrẹ sì ti lọ. Níbí yìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn oníṣirò. Fún òǹkàwé mìíràn, ẹ kọ “owó tí a yá”. Ẹni tó bá fi “lò” rọ́pò rẹ̀ ti fi gbèsè 400 pamọ́ fún ẹni tó ń kà á.