Ìsọlórúkọ álkénì ẹlẹ́ka àti sáíkílóálkénì

Nínú òfin àjọ IUPAC, ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tó gùn jù lọ ló ń fún álkénì ẹlẹ́ka ní orúkọ ìpìlẹ̀. Ohun tó bá yọ lára ẹ̀wọ̀n náà ni ẹ̀ka, nọ́ńbà la sì fi ń sọ ibi tó ti yọ.

Ẹ̀wọ̀n tó gùn jù kì í sábà nà gbọọrọ lórí ìwé. Ẹ wo CH3CH(C2H5)CH2CH2CH3. Ẹni tó bá ka kábọ́ọ̀nù márùn-ún tó wà lórí ìlà kan yóò pè é ní 2-étíìlìpẹ́nténì, kò sì tọ̀nà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti inú C2H5, mẹ́fà la ó bá, CH3 tó ṣẹ́ kù á wá di ẹ̀ka: 3-métíìlìhẹ́ksénì ni. Kábọ́ọ̀nù kan péré ló wà lẹ́yìn kábọ́ọ̀nù kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni étíìlì ní méjì. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti rí 2-étíìlì lórí álkénì tí kò ní òrùka, ká mọ̀ pé wọ́n ti ṣi ẹ̀wọ̀n náà kà.

Nọ́ńbà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí tó bá sún mọ́ ẹ̀ka jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ro àwọn nọ́ńbà pọ̀, wọ́n á sì mú èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ká ní métíìlì mẹ́ta wà lórí dékénì: láti apá kan, ó jẹ́ 2,7,8, láti apá kejì, 3,4,9. Àròpọ̀ èkejì ló kéré, 16 sí 17, síbẹ̀ 2,7,8-tráìmétíìlìdékénì lorúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá ti yàtọ̀ ló ń dá ẹjọ́ náà, 2 sì kéré sí 3.

Bí ẹ̀ka bá ju irú kan lọ, a ó tò wọ́n bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò, láìka dáì tàbí tráì sí. Étíìlì ṣáájú dáìmétíìlì, nítorí E ṣáájú M.

Sáíkílóálkénì jẹ́ òrùka, òrùka kò sì ní orí tàbí ìdí. Ẹ̀ka kan ṣoṣo lórí rẹ̀ kò nílò nọ́ńbà: métíìlìsáíkílóhẹ́ksénì ti tó. Bí ó bá jẹ́ méjì, èyí tí álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáájú ló ń gba 1, a ó sì ka ọ̀nà tó yá dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di mẹ́ta, nọ́ńbà kékeré ló ń kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, álífábẹ́ẹ̀tì a dúró dè é. Òrùka tí métíìlì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí étíìlì sì jìnnà díẹ̀, ń jẹ́ 4-étíìlì-1,2-dáìmétíìlìsáíkílóhẹ́ksénì, kì í ṣe 1-étíìlì-3,4-dáìmétíìlì, nítorí 1,2,4 ṣáájú 1,3,4.

Ka kábọ́ọ̀nù inú orúkọ tó o kọ. Nínú orúkọ tó gbẹ̀yìn yìí, 6 ti òrùka, 2 ti étíìlì àti 2 ti métíìlì méjì jẹ́ 10, ìyẹn C10H20. Bí kò bá bá àwòrán mu, ẹ̀ka kan ti sọnù. Àmọ́ àyẹ̀wò yìí kò lè fi ẹ̀wọ̀n tí a ṣì kà hàn, torí pé kábọ́ọ̀nù méje náà ló wà nínú 2-étíìlìpẹ́nténì.